Ìwé ọjọ́-orí gbèsè: ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Akọ̀wé_Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Iléeṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń ta bébà, íǹkì àti pẹ́lẹ́ẹ̀tì fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú àti àyíká rẹ̀. Àwìn ọgbọ̀n ọjọ́ ni à ń ta fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo tẹ ìwé ọjọ́-orí gbèsè wa jáde ní ìparí oṣù Karùn-ún, báyìí ló sì rí:

Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé: ₦14.2 mílíọ̀nù
Ó ti kọjá ọjọ́ ìsanwó ní ọjọ́ 1 sí 30: ₦7.9 mílíọ̀nù
Ọjọ́ 31 sí 60: ₦6.1 mílíọ̀nù
Ọjọ́ 61 sí 90: ₦3.0 mílíọ̀nù
Ó lé ní ọjọ́ 90: ₦7.2 mílíọ̀nù
Àpapọ̀: ₦38.4 mílíọ̀nù

Ọ̀gá mi wo ₦7.2 mílíọ̀nù tó wà nísàlẹ̀, inú bí wọn, wọ́n ní èyí tó pẹ́ jù ni kí n kọ́kọ́ gbà, kí n máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú. Àwọn tó wà nínú òpó yẹn ni iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan tó jẹ wá ní ₦3.1 mílíọ̀nù, ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ní Muṣin tó jẹ wá ní ₦1.8 mílíọ̀nù, atẹ̀wé kan tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, tó kó ₦1.5 mílíọ̀nù sálọ, àti àwọn owó kéékèèké méjìlá tí àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦800,000. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè wọ́n lórí fóònù, àmọ́ owó kò wọlé. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ka ìwé yìí nìyẹn? Ọ̀dọ̀ ta ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ?

ÌyáẸlẹ́ja_Èpẹ́

Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Gbèsè ti fojú èmi náà rí nǹkan. Ẹja tútù ni mò ń tà, àwọn oníbùkátẹ̀ríà àti àwọn tó ń yan ẹja ló sì ń kó o lọ láwìn. Ẹnìkan wà tó kó páálí ẹja lọ́wọ́ mi, ó ní lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde lòun máa san. Nígbà tí ọdún kọjá, kò gbé fóònù mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá ti ń sá fún ọ, ọlọ́pàá ni kí o mú lọ bá a. Bí wọ́n bá fi í sí àgọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ẹbí rẹ̀ á gbé owó wá. Kí o kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù pa yẹn kó tó sá kúrò ní Èkó pátápátá.

Èmi kò ní kọ̀ǹpútà. Nóòtùbúùkù ni ìwé tèmi, báírò pupa ni mo sì máa ń fi fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó máa ń san lọ́jọ́ ọjà tẹ́lẹ̀, tó wá jẹ́ kí ọjọ́ ọjà méjì kọjá láì yọjú.

Agbẹjọ́rò_Ìkẹjà

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú ọlọ́pàá lọ nítorí gbèsè ọjà. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32(2), sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí ọ̀ràn láàárín ẹni sí ẹni tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, òun ló máa pe yín lẹ́jọ́, owó tí ilé ẹjọ́ máa ní kí ẹ san fún un sì lè ju owó ẹja lọ. Ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ bó bá jẹ́ pé ó fún yín ní sọ̀wédowó tí báńkì dá padà nítorí pé kò sówó nínú àkáǹtì rẹ̀, nítorí òfin ti wà fún ìyẹn láti ọdún 1977. Mo máa padà wá sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù pa yẹn.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Akọ̀wé, má tíì pe ẹnikẹ́ni mọ́. Àpapọ̀ nìkan ni o fi hàn wá, àpapọ̀ kì í sì í sọ ẹni tó yẹ kéèyàn lọ bá. Dá mi lóhùn ná. Ọjọ́ wo ni ẹ̀rọ yín ń kà láti ibẹ̀, ọjọ́ tí ẹ kọ ínfọ́ìsì ni àbí ọjọ́ tó yẹ kí oníbàárà sanwó? Bó bá jẹ́ ọjọ́ ínfọ́ìsì, gbogbo òpó náà ti yẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí apá ibi tó burú, ẹni tí kò tíì jẹ̀bi á sì dà bí ẹni tó ti jẹ̀bi. Èkejì, ṣé o ti ṣí èyí tó to ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀? Ẹ̀kẹta, wá ìwé oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹrin jáde, kí o gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù Karùn-ún. Ìwé oṣù kan ṣoṣo ń fi ibi tí gbèsè dúró sí hàn. Bí o bá tó mẹ́ta pọ̀ ni wàá tó rí ibi tó ń lọ.

Akọ̀wé_Ṣómólú

Ẹ ṣé gan-an, sà. QuickBooks là ń lò. Mo wo ètò rẹ̀, ó wà lórí `Age from due date`, torí náà ọjọ́ ìsanwó ló ń kà láti ibẹ̀. `A/R Aging Summary` ni ọ̀gá mi rí. Mo ti wá ṣí `A/R Aging Detail` báyìí, ohun méjì sì yà mí lẹ́nu.

Àkọ́kọ́ ni ti Muṣin. Nínú òpó ọjọ́ 1 sí 30, orúkọ wọn tún wà níbẹ̀, àmọ́ ₦1.8 mílíọ̀nù wọn ní àmì ìyọkúrò níwájú.

Èkejì ni olùtẹ̀wéjáde kan tó ń ṣe ìwé ilé-ìwé. Òun ni oníbàárà wa tó tóbi jù, kì í sì í jẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé kó tó san, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ronú nípa rẹ̀. Nínú ìwé ìparí oṣù Kẹta, kò ní kọ́bọ̀ kan tó ti kọjá ọjọ́. Ní ìparí oṣù Kẹrin, ₦4.2 mílíọ̀nù rẹ̀ wà ní òpó 1 sí 30. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ₦4.2 mílíọ̀nù yẹn ti bọ́ sí òpó 31 sí 60, ₦2.6 mílíọ̀nù mìíràn ti wọ òpó 1 sí 30, ₦3.4 mílíọ̀nù sì wà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn tó ń tajà tún ti gba ìbéèrè tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, bébà tó tó ₦5 mílíọ̀nù, tí wọ́n fẹ́ kó lọ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Àbúrò, o ti rí ẹni tó yẹ kí o kọ́kọ́ lọ bá. Àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìwé náà ṣe, torí pé bó ṣe wà yẹn, àwọn òpó kan ń parọ́ fún ọ.

Kò jọ pé gbèsè ni ti Muṣin mọ́. Wọ́n ti fi ₦1.8 mílíọ̀nù ránṣẹ́ láti báńkì, ẹni tó gba owó náà wọlé nínú ẹ̀rọ kò so ó mọ́ ínfọ́ìsì kankan. Ẹ̀rọ ń ka ọjọ́-orí ínfọ́ìsì, ó sì ń ka ọjọ́-orí owó tó wọlé lọ́tọ̀, nítorí náà ínfọ́ìsì àtijọ́ jókòó sí òpó tó gbẹ̀yìn, owó tuntun jókòó sí òpó 1 sí 30. Àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ òpó méjì ti bàjẹ́. Bí o bá so wọ́n pọ̀, èyí tó lé ní ọjọ́ 90 á di ₦5.4 mílíọ̀nù, òpó 1 sí 30 á sì di ₦9.7 mílíọ̀nù. Ìyẹn ni pé gbèsè tuntun yín pọ̀ ju bí ọ̀gá rẹ ṣe rò lọ, gbèsè àtijọ́ sì kéré sí bí wọ́n ṣe rò.

Síbẹ̀, má ṣe so ó fúnra rẹ. Fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní Muṣin, kí o bi wọ́n léèrè ínfọ́ìsì tí owó yẹn wà fún. Ó lè jẹ́ pé ínfọ́ìsì tuntun ni wọ́n ní lọ́kàn, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀sùn kan tí kò tíì dé etí rẹ. Bí o bá fi owó wọn pa gbèsè tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, wàá gbọ́ ariwo, ẹ̀sùn náà á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀, ká wá sórí àwọn owó kéékèèké méjìlá yẹn. Mú ọ̀kan nínú wọn, wo ínfọ́ìsì tó ṣẹ́kù sí, kí o sì ṣírò ìdá mélòó ló jẹ́ nínú iye ọjà kí ẹ tó fi Fáàtì kún un. Kí ni o rí?

Akọ̀wé_Ṣómólú

Ẹyọ kan rèé, sà. Ọjà ₦1,500,000, Fáàtì ₦112,500, àpapọ̀ ₦1,612,500. Wọ́n san ₦1,582,500. Ó ku ₦30,000. Mo pè wọ́n lórí ₦30,000 yẹn títí, ẹni tó gbé fóònù ní àwọn ti san tán.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Òótọ́ ló sọ fún ọ. ₦30,000 jẹ́ 2% nínú ₦1,500,000 géérégé. Owó orí ni wọ́n yọ sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2025 ṣe sọ nípa ẹni tó ń kó ọjà wá. Lórí ínfọ́ìsì tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wàá rí àwọn tó yọ 5%. Níbòmíràn, bí ohun tó ṣẹ́kù bá jẹ́ 7.5% gan-an, Fáàtì ni wọ́n dá dúró láti san án fún ìjọba fúnra wọn, bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan ṣe ń ṣe. Bó bá jẹ́ 9.5%, méjèèjì ni.

Owó wọ̀nyí kò sí lọ́wọ́ oníbàárà mọ́, nítorí náà pípè é lórí fóònù kò lè mú wọn wá. Ohun tí o máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí pé ó san owó orí náà ní orúkọ yín, èyí tí ẹ máa fi dín owó orí tiyín kù. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó to gbogbo ínfọ́ìsì oníbàárà náà tó fún un. Kó wọn kúrò nínú òpó gbèsè, fi wọ́n sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ẹ ó máa tọ́jú ìwé ẹ̀rí sí, kí wọ́n má bàa máa dàgbà níbi tí kò yẹ wọ́n. Nínú méjìlá yẹn, ó ṣeé ṣe kí méjì tàbí mẹ́ta má bá ìdá kankan mu. Àwọn ìyẹn gan-an ni kí o bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà.

Atẹ̀wé_Mókọ́lá

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe fi olùtẹ̀wéjáde yẹn ṣe ọ̀tá. Mo ń tẹ̀wé n'Íbàdàn níbí, mo mọ iṣẹ́ wọn. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Keje ni wọ́n ń ra bébà jù, torí pé ìwé gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Owó wọn ti wọ inú bébà báyìí. Bí ilé-ìwé bá wọlé, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìwé bá sanwó, á san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dá ọjà dúró fún un nísinsìnyí, ẹlòmíràn ní Ṣómólú ló máa kó bébà fún un, ẹ̀yin á sì pàdánù rẹ̀.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ rẹ nípa àsìkò iṣẹ́ wọn tọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi, ó sì yẹ kó wà nínú ohun tí à ń gbé yẹ̀ wò. Àmọ́ àsìkò yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Akọ̀wé, lọ wo ìwé oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá àti ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Bí olùtẹ̀wéjáde yẹn bá fà sẹ́yìn ní àsìkò kan náà, tó sì san lẹ́yìn tí ilé-ìwé wọlé, ìṣe rẹ̀ nìyẹn, ẹ kàn máa ṣètò owó yín dè é ni. Bó bá sì ń san ní ọgbọ̀n ọjọ́ ní àsìkò yìí gan-an lọ́dún wọ̀nyẹn, nǹkan kan ti yí padà lọ́dọ̀ rẹ̀, àsìkò kọ́.

Wo ohun tí àwọn òpó ń sọ. Láti oṣù Kẹta ni kò ti san ohunkóhun, síbẹ̀ ọjà ń lọ bá a lóṣooṣù. ₦4.2, ₦2.6 àti ₦3.4 mílíọ̀nù jẹ́ ₦10.2 mílíọ̀nù, ó ju ìdá mẹ́rin kan lọ nínú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn jẹ yín. Bí ₦5 mílíọ̀nù tuntun bá jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á di ₦15.2 mílíọ̀nù. Gbogbo òpó tó gbẹ̀yìn tó bí ọ̀gá rẹ nínú kò tó ìdajì ìyẹn. Kò sì sí ẹni tó pe ọkùnrin yìí rí, nítorí pé orúkọ rẹ̀ pín sí òpó mẹ́ta, kò sì pọ̀ nínú ìkankan tó láti dẹ́rù ba ènìyàn.

Ìyá Ẹlẹ́ja tó sọ̀rọ̀ lókè yẹn mọ ohun tí mò ń wí. Báírò pupa wọn kò wo ẹni tó jẹ gbèsè jù, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ẹni tí gbèsè rẹ̀ pẹ́ jù. Ẹni tí ìsanwó rẹ̀ yí padà ni wọ́n ń fa ìlà sí lábẹ́. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí o lọ ní òwúrọ̀ ọ̀la, fúnra rẹ tàbí pẹ̀lú ọ̀gá rẹ, kì í ṣe lórí fóònù. Owó ṣì lè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì nílò bébà, ó ṣì fẹ́ kí àárín yín dára. Ní ọjọ́ 120, ó ṣeé ṣe kí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sí mọ́.

Bí o bá fẹ́ fi Ẹ́sẹ́ẹ̀lì ka ọjọ́ fún àwọn oṣù tó kọjá, má lo `TODAY()`, torí pé iye ọjọ́ á máa yí padà lójoojúmọ́, oṣù kan kò sì ní ṣeé fi wé èkejì. Kọ ọjọ́ ìparí oṣù sí H1, kí ọjọ́ ìsanwó wà ní òpó D:

```
=$H$1-D2
```

Akọ̀wé_Ṣómólú

Mo wò ó, sà. Lọ́dún tó kọjá, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, àmọ́ kò kọjá òpó 1 sí 30, ó sì san ìdajì ní oṣù Kẹfà. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, kò fà sẹ́yìn rárá. Mi ò tíì mọ ohun tí mo lè pe èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo ₦3.0 mílíọ̀nù tó wà ní òpó 61 sí 90. Ẹnìkan ṣoṣo ló ni ín, ínfọ́ìsì kan ṣoṣo ni. Mo pè é, ó ní òun kò ní san títí a ó fi yanjú bébà tó rin. Ó ní rímù 40 ló wọlé pẹ̀lú omi lára, òun sì ti sọ fún awakọ̀ wa lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Èyí ló rọrùn jù láti gbà nínú gbogbo ìwé rẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀! Èló ni owó rímù 40 yẹn?

Akọ̀wé_Ṣómólú

₦8,000 ni rímù kan. ₦320,000 ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Nítorí ₦320,000, ₦3.0 mílíọ̀nù ti há fún oṣù méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń gba gbèsè, ti sítọ́ọ̀ ni. Wá ìwé tí oníbàárà fọwọ́ sí nígbà tí ọjà dé, wò ó bóyá ó kọ rímù tó rin síbẹ̀. Bó bá kọ ọ́, tàbí tí awakọ̀ bá jẹ́rìí sí i, kí ọ̀gá àwọn tó ń tajà fọwọ́ sí ìwé àdínkù owó ₦320,000 lónìí. Ó ku ₦2.68 mílíọ̀nù tí kò ní àwáwí kankan lórí rẹ̀ mọ́, kí o sì béèrè ọjọ́ tó máa san án kí o tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, tí awakọ̀ náà kò sì rántí, ọ̀gá rẹ ló máa pinnu bóyá ₦320,000 tó nǹkan tí ẹ lè fi há owó tó ju ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n fi òpó kan kún ìwé wọn, òpó tí ẹ̀rọ kì í tẹ̀ jáde: kí ló dá owó yìí dúró? Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó. «Ó ń jiyàn.» «Owó orí.» «Fáìlì kò tíì jáde.» «Kò lówó.» «Kò sẹ́ni tó bèèrè.» Ẹ ó rí i pé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn máa ń pọ̀.

Bàbá_Fẹ̀yìntì_Sẹkitéríàtì

Ọmọ mi, mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àkáǹtì ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ nípa ₦3.1 mílíọ̀nù yẹn. Ẹni tí o ń pè lórí fóònù kò lè san án. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fáìlì ni ń sanwó, o sì gbọ́dọ̀ mọ orí tábìlì tí fáìlì rẹ wà.

Kó ẹ̀dà ìwé ìrajà tí wọ́n fi béèrè ọjà, ẹ̀dà ìwé tí sítọ́ọ̀ wọn fi gba ọjà wọlé, àti ínfọ́ìsì yín dání. Bí ìwé sítọ́ọ̀ kò bá sí, wọn kò tíì kọ fáúṣà, gbogbo ìpè rẹ sì ti bọ́ sófo. Bí fáúṣà bá ti wà, béèrè nọ́ńbà rẹ̀, kí o béèrè bóyá ó ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn ayẹ̀wé-owó-wò. Lẹ́yìn náà ni kí o béèrè ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wá kì í béèrè: ìsúná ọdún wo ni ọjà yẹn wà nínú rẹ̀? Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ìsúná ọdún kan ń parí. Bí ọjà yín bá jẹ́ ti ọdún tó kọjá, tí wọn kò sì san án kó tó parí, ó ti di gbèsè àtẹ̀yìnwá, ó sì nílò ìfọwọ́sí tuntun kí ẹnikẹ́ni tó lè san án. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, fi gbogbo ẹ̀dà yẹn mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tìrẹ.

Máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Má lọ lójoojúmọ́, kò ní yá wọn lára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Akọ̀wé_Ṣómólú

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìwé ìrajà ọdún tó kọjá ni. Ìwé sítọ́ọ̀ wọn kò sí nínú fáìlì wa.

Bàbá_Fẹ̀yìntì_Sẹkitéríàtì

Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wọn ni kí o kọ́kọ́ lọ, má lọ sí àkáǹtì. Lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹni náà lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn.

Agbẹjọ́rò_Ìkẹjà

Mo ṣèlérí láti padà wá sórí ₦1.5 mílíọ̀nù ti ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Láti ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ àwọn gbèsè kéékèèké ti wà l'Ékòó, lábẹ́ ilé ẹjọ́ Májísíréètì, fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò sì ju ₦5 mílíọ̀nù lọ. Lẹ́tà ìbéèrè owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ gbèsè, lórí fọ́ọ̀mù tí ilé ẹjọ́ náà ní. Bí kò bá sanwó, a gbé e lọ síbẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ sì ni ìlànà wọn fẹ́ kí ẹjọ́ fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀.

Kí o tó náwó sí i, wá ohun méjì. Ṣé orúkọ òwò lásán ló fi ń ṣiṣẹ́ ni àbí kọ́ńpìnnì tí gbèsè rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ni ín? Bó bá jẹ́ orúkọ òwò, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ yín, títì ṣọ́ọ̀bù pa kò pa gbèsè náà. Èkejì, ṣé ó ní ohunkóhun tí ilé ẹjọ́ lè gbà? Ibo ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ wà báyìí? Bó bá ti tà á, tí kò sì sí àkáǹtì tí ẹ mọ̀, ẹ lè gba ìdájọ́ tí ẹ kàn máa gbé kọ́ sára ògiri lásán. Ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún yín láti pè é lẹ́jọ́ lórí àdéhùn ọjà bẹ́ẹ̀, bó bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jẹ gbèsè náà, tàbí tó san díẹ̀ níbẹ̀, kíkà ọdún náà á tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan láti ọwọ́ rẹ̀ tó sọ pé «ẹ fún mi ní àyè díẹ̀» dára láti tọ́jú. Èmi kò rí i pé ó yẹ kó gba ju wákàtí kan lọ nínú ọ̀sẹ̀ rẹ.

ÌyáẸlẹ́ja_Èpẹ́

Ẹ ṣeun o, Lọ́yà. Mi ò ní mú ọlọ́pàá lọ mọ́. Ṣé ilé ẹjọ́ yẹn wà ní Èpẹ́ náà?

Agbẹjọ́rò_Ìkẹjà

Ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ Májísíréètì tó sún mọ́ yín, mà. Bí èyí tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á sọ èyí tí ẹ máa lọ fún yín. Ẹ kó nóòtùbúùkù yẹn dání.

Akọ̀wé_Ṣómólú

Mo padà wá. Muṣin dáhùn, ínfọ́ìsì àtijọ́ ni wọ́n san, mo ti so ó. Mẹ́sàn-án nínú owó kéékèèké méjìlá yẹn bá 2% tàbí 5% mu, lẹ́tà ìwé ẹ̀rí ti jáde. Ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wa rí ìwé tí oníbàárà kọ «40 rin» sí lẹ́yìn. Ọ̀gá fọwọ́ sí ₦320,000, oníbàárà náà sì ní òun á san ₦2.68 mílíọ̀nù lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi àti ọ̀gá lọ bá olùtẹ̀wéjáde yẹn. Ó gbà wá dáadáa. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ kan ló gba ìwé lọ́wọ́ òun, tí kò tíì sanwó. Ó ní òun lè san ₦1.5 mílíọ̀nù lọ́sẹ̀ yìí bí a bá kó bébà ₦5 mílíọ̀nù yẹn fún òun. Ọ̀gá fẹ́ gbà. Àwọn tó ń tajà náà fẹ́ gbà.

Atẹ̀wé_Mókọ́lá

Mo ní kí ẹ gbà. Ẹni tó gbà yín sílé, tó sì sọ ohun tó ń ṣe é, kì í ṣe ẹni tó ń sá. Bí kò bá rí bébà, kò ní tẹ ìwé. Bí kò bá tẹ ìwé, kí ló máa fi san ₦10.2 mílíọ̀nù?

Ọ̀gá_Ìṣirò

Èmi kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gba ₦1.5 mílíọ̀nù, ẹ ó kó ₦5 mílíọ̀nù jáde, gbèsè rẹ̀ á di ₦13.7 mílíọ̀nù ní ọjọ́ kan náà. Tí mo bá jẹ́ ọ̀gá rẹ, màá kó iye bébà tó bá iye owó tó mú wá mu, owó náà á sì kọ́kọ́ pa lára ₦4.2 mílíọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe é lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ó máa tẹ̀wé lọ, kí gbèsè má sì lé sí i. Màá tún ní kó fi ìwé ìrajà ìjọba tó ní wọn kò tíì san hàn mí. Bó bá wà lóòótọ́, Bàbá lè kà á fún yín.

Bàbá_Fẹ̀yìntì_Sẹkitéríàtì

Mo lè kà á. Kó wo ọdún ìsúná tó wà lórí rẹ̀ kó tó mú un wá.

Akọ̀wé_Ṣómólú

Ó ní òun á fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́la. Ọ̀gá ti ní kí ọkọ̀ akẹ́rù dúró ná títí a ó fi rí i.